Ẹni Tí Wọn Kò Mú

Àtàǹpàkò ni Bàbá Ọ̀bẹ fi ń yẹ ìwé wò. Bí ẹ̀rọ bá ti gé òkìtì kan tán, á fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ á sì wà níbòmíràn. Níbi tí ọwọ́ bá ti dúró, ibẹ̀ ni gígé kò ti gún.

Inú ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló mú un wọ ibẹ̀ kó máa gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ títí ó fi mọ ìró ẹ̀rọ ìgéwèé àtijọ́ náà, tó sì mọ ìgbà tí inú ń bí i. Ọ̀gá wá, ọ̀gá lọ, kò bá ẹnikẹ́ni du àga. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó gbìyànjú, nígbà tí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ pátákó pé wọ́n ń wá alábòójútó fún ẹ̀ka ìgéwèé àti ìdìwé, àti pé àárín àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti máa mú un. Ẹni mẹ́ta ló kọ̀wé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bẹ fẹ́ gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní bí wọn ò bá mú òun, òun á lọ bá ilé ìtẹ̀wé mìíràn tó ti ń pe òun tipẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lásán.

Wọn ò mú un.

Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbéèrè, ló ránṣẹ́ pè é. Obìnrin yìí ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀: ẹni tí wọn ò mú kò gbọdọ̀ kà á lára pátákó, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Ẹni tí wọ́n mú ti gbà, àmọ́ ìkéde ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó ti rí ẹni kejì tí wọn ò mú láàárọ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka ní kó sáà ṣèlérí fún Bàbá Ọ̀bẹ pé òun ló kàn. Ìyá Ìbéèrè ní òun kì í fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ òun tọrẹ.

Kò yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní wọn ò mú un. Bàbá Ọ̀bẹ wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó béèrè ẹni tí wọ́n mú. Ó sọ fún un pé ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ìdìwé ni.

“Ó ti mọ̀ láti àná, àbí? Abájọ tí kò lè wojú mi nígbà tó ń kí mi.”

“Èmi ni mo ní kó dákẹ́. Ẹ má bínú sí i, Bàbá.”

Bàbá Ọ̀bẹ gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ni obìnrin náà bá béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

“Nígbà tí a ní kí ẹ sọ ìṣòro kan tí ẹ yanjú, kí ló dé tí ẹ ò sọ ti ìwé àwọn ọmọ iléèwé tí òjò pa? ‘A máa ń gbìyànjú’ lẹ sọ. Ẹ ò fi nǹkan kan kún un.”

“Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ẹ̀ka gan-an ló ń bá mi sá ìwé síwájú fáànù. Ṣé kí n wá máa pọ́n ara mi lójú ẹni tó mọ̀ mí?”

Ìyá Ìbéèrè ṣàlàyé fún un pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí kálukú bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú yàrá náà nìkan ni wọ́n ń fún ní máàkì, kí ẹni tó ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn tó ń bèèrè má baà rí ojúsàájú.

“Àlejò ìbá ti ṣe dáadáa jù mí lọ nìyẹn.”

“Ó ṣeé ṣe.” Kò gbójú kúrò lára rẹ̀. “Àwa la ò là á yé yín tẹ́lẹ̀. A rò pé ará ilé mọ̀. Kò yí èsì padà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wa ni.”

Bàbá Ọ̀bẹ rọra padà jókòó dáadáa. Ó béèrè pé, ká ní òun sọ ti ìwé náà, kí ni wọn ì bá tún bi òun. Obìnrin náà ní àwọn ì bá bèèrè ẹni tó yan iṣẹ́ fún àwọn yòókù, àti bó ṣe mọ òkìtì tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

“Tìkẹyìn yẹn,” ló wí, “ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.”

Obìnrin náà sọ fún un pé ó lè máa lọ sílé lónìí bó bá wù ú. Kò béèrè bóyá ó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀.

“Ṣé àyè wà lọ́la?”

“Fún kí ni, Bàbá?”

“Kí ẹ bi mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí màá sọ.”

“Wọ́n ti gba ipò náà.”

“Mo gbọ́.”

Ó dìde. Obìnrin náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nínú gbọ̀ngàn ìdìwé, àwọn tó ń ṣeré tẹ́lẹ̀ ti sorí kọ́ sídìí iṣẹ́ wọn. Bàbá Ọ̀bẹ gba àárín tábìlì kọjá. Ó dúró lọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀, ó sọ ohun kan tí ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bá tirẹ̀ lọ.