Kọ́tìnì Aláwọ̀ Tíì

Obìnrin aránkọ́tìnì kan wà tí kì í gba ojú ẹlòmíì gbọ́. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan, síbẹ̀, etí aṣọ tí àbúrò bá rán, yóò fi ìka tọ̀ ọ́ dópin. Àbúrò a máa rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú máa bá mi mí."

Dókítà kan, oníbàárà wọn àtijọ́, fẹ́ fi kọ́tìnì méjì kún ti pálọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí ni. Ó bọ́ ọ̀kan fún wọn láti fi wo àwọ̀. Àbúrò fẹ́ gé díẹ̀ lára ìṣẹ́po etí rẹ̀ mú lọ sọ́jà, ẹ̀gbọ́n ní ó tì.

"Fọ́tò ni kó o yà wá. Èmi ni màá yàn án."

Àbúrò fi fọ́tò aṣọ méjì ránṣẹ́ láti ọjà. Ó ya àkọ́kọ́ nínú ìsọ̀ kan, lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ó ya èkejì lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mìíràn, lábẹ́ òjìji. Ẹ̀gbọ́n jókòó nídìí fèrèsé, ó gbé fóònù lé kọ́tìnì. Àkọ́kọ́ bá a mu bí ìbejì. Èkejì rí bí eérú. Ó pè é.

"Ra ti àkọ́kọ́."

"Ẹ ní sùúrù. Gílóòbù yẹn ń sọ gbogbo nǹkan di pupa, títí kan eyín ọlọ́jà. Òjìji ló sì mú kí èkejì rí bẹ́ẹ̀. Fóònù náà tún ń fi tiẹ̀ kún un. Ìmọ́lẹ̀ wọn ò rí bákan náà, ẹ ò lè fi wọ́n wéra. Ẹ jẹ́ kí n gba ègé kọ̀ọ̀kan wálé, ká tẹ́ wọn lé kọ́tìnì nídìí fèrèsé kan náà."

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni? Rà á."

Àbúrò rà á. Ọlọ́jà kì í gba aṣọ tó ti gé padà. Nígbà tó délé, wọ́n tẹ́ ẹ lójúmọmọ: aṣọ aláwọ̀ eérú gidi ni. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí.

"Bó bá gun ògiri, kò ní hàn."

Ó rán an.

Ní pálọ̀ dókítà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán rọ́ wọlé. Àwọn ti àtijọ́ rí bí tíì, méjì tuntun dúró láàárín wọn bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè.

"Ta ló ra aṣọ yìí?" Dókítà ò gbóhùn sókè.

Orí àkàbà ni ẹ̀gbọ́n wà. "Àbúrò mi ni, sà. Mo máa ń sọ fún un pé kó máa la ojú rẹ̀."

Àbúrò ló di àkàbà náà mú. Ó dì í mú títí ẹ̀gbọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n ní, "O ò sì sọ nǹkan kan."

"Kí n sọ̀rọ̀, kí n jù ọ́ sílẹ̀ lórí àkàbà?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Àbúrò kó sísọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí, kò padà.

Àwọn oníbàárà ṣì ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n a ní ara àbúrò òun ni kò yá.