Ohun Tí Ọ̀gá Kékeré Kò Fojú Rí

Ọjọ́ tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó ọ̀sán ní ilé ìfọṣọ kan ni orúkọ Ọ̀gá Kékeré ti mọ́ ọn lórí. Kì í ṣe pé ó kéré lára. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ tẹ́lẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí wọ́n jọ ń làágùn nídìí áyọ́ọ̀nù ló ti wá ń há kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sì í jágbe mọ́ ènìyàn.

Aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn tó ń ká aṣọ, obìnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Ayára, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó ju Ọ̀gá Kékeré lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń mú etí aṣọ ńlá kó má baà hunjọ, òun náà ló sì máa ń bá a parí iṣẹ́ nígbà tí ọmọ Ọ̀gá Kékeré ń ṣàìsàn, láìjẹ́ pé ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ni Ọ̀gá Kékeré ń pè é, ó sì mú un bí ẹ̀gbọ́n lóòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá Kékeré wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ, ó ń ṣa àwọn aṣọ tó ti fàya sọ́tọ̀. Ó gbọ́ gbì, ó sì gbọ́ igbe. Nígbà tó fi máa yí ẹ̀rọ náà po, Ayára ti wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ti dojú dé, aṣọ ti fọ́n ká, omi sì wà lórí táìlì. Ọ̀gá Kékeré bá a kó aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀, ó ní kí wọ́n nu ilẹ̀, ó sì pe awakọ̀ ilé iṣẹ́ kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Egungun ọwọ́ náà ti kán.

Máníjà ní òun fẹ́ ìròyìn ìjàǹbá náà kí òun tó lọ sílé. Ọ̀gá Kékeré kò kọ irú rẹ̀ rí. Ó jókòó, ó mú bírò, ọ̀rọ̀ sì ń wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: “Òṣìṣẹ́ yìí ń sáré gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò wo ibi tó ń tẹ̀. Omi tó ń kán lára aṣọ tútù tó gbé ló mú un yọ̀ ṣubú. Ìkánjú àti àìbìkítà ló fa ìjàǹbá yìí.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dùn mọ́ ọn. Máníjà náà yìn ín pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yéni yékéyéké.

Nítorí pé ìwé náà ti dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi, kò sí ẹni tó tún lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí Ayára nílé, níbi tó ti fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́rùn. Ó pe Ọ̀gá Kékeré lórí fóònù. Kò pariwo.

“Ṣé o rí mi níbi tí mo ti ń sáré?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni.”

Ayára ní ó dáa, ó sì pa fóònù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá Kékeré fi ń bá ara rẹ̀ rojọ́ nídìí iná ìdáná. Ta ni kò mọ̀ pé Ayára máa ń sáré? Ṣùgbọ́n ohun tí Ayára bi í kọ́ nìyẹn, ó sì mọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, ọkùnrin kan tó ń lọ aṣọ ṣubú níbì kan náà. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Ìbàdí rẹ̀ wú. Èyí ló mú kí ilé iṣẹ́ rán ẹni tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ wá, bàbá kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó mú Ọ̀gá Kékeré jókòó nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí, ó sì fi ìka tọ ìròyìn àkọ́kọ́ yẹn ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ kọ ọ́ pé ó ń sáré. Ibo lẹ wà?”

“Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo wà, sà. Ìró ni mo gbọ́.”

“A jẹ́ pé ẹ ò rí i. Aṣọ tó gbé ńkọ́? Ṣé ó tutù?”

Ó la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló rántí bí aṣọ náà ṣe rí lọ́wọ́ òun nígbà tí òun ń kó o nílẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ti fa omi, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè gbẹ, wọ́n sì ń gbóná. Inú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni Ayára ti ń kó wọn bọ̀.

“Ó gbóná, sà,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

“Omi yẹn wá ti ibo wá?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ká ní ẹ kọ ‘mi ò mọ̀’ yẹn ni, a ò bá ti wá wò ó.”

Wọ́n jọ jáde lọ wò ó. Ilẹ̀ gbẹ. Bàbá náà ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n sì dúró. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í da omi rẹ̀ nù, omi ń jò lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí rọ́bà tí omi ń gbà jáde ti sán lójú oríkèé, ó sì ń ṣàn wá sójú ọ̀nà. Tí ẹ̀rọ bá ti da omi nù tán, jíjò náà á dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá Kékeré bẹ̀bẹ̀ pé kí òun fa ìwé àkọ́kọ́ ya. Bàbá náà kọ̀. Ó ní kó wà bó ṣe wà, kí Ọ̀gá Kékeré kọ òmíràn tì í, kó sì fi déètì ọjọ́ náà sí i: ohun tó rí, ohun tó gbọ́, ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un àti orúkọ ẹni náà, àti ohun tí kò mọ̀. Tí Ayára bá sọ bó ṣe ṣubú, kó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu Ayára.

Ó pè é. Ayára ní òun ń rìn, òun kò sáré, òun kò sì rí omi náà torí pé apẹ̀rẹ̀ dí òun lójú. Ọ̀gá Kékeré kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, lábẹ́ orúkọ Ayára. Ìwé kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá ti kọ “ó jọ pé”, á dúró, á bi ara rẹ̀ léèrè, á sì pa á rẹ́. Nígbà tó parí, kò ju ìlà mélòó kan lọ, kò sì dùn ún kà.

Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà. Wọ́n gba ìwé ìkìlọ̀ padà. Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré lọ kí Ayára nílé, wọ́n ti tú ohun líle tí wọ́n fi di ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tíì lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ti gba iṣẹ́ níbòmíràn, níbi tí wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Ó fún un ní àga, ó bu omi fún un, ó béèrè ọmọ.

Ọ̀gá Kékeré kúnlẹ̀. Ayára ní kó dìde.

“Mi ò bínú mọ́. Ìwọ lo mọ̀ mí jù níbẹ̀. Mo rò pé ìwọ lo máa bi mí léèrè.”

Ọ̀gá Kékeré dìde, ó padà jókòó. Ó mu omi náà tán, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa oòrùn àti iléèwé. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà lónìí, wọ́n ń kí ara wọn dáadáa, wọ́n sì ń béèrè ará ilé. Ayára kì í yà sílé rẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Kékeré náà kò sì pè é kó wá.