Ìtanràn Sidi Márùn-ún Tó Ń Bímọ

Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí ikú mi bá dé, n óo ní kó dúró kí n kọ ìkéde rẹ̀ ná, kí n sì fi rúlà fàlà sí i nídìí. Kò purọ́ púpọ̀. Ní ilé wa ní Ashanti New Town, ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, mo lẹ ìwé mọ́ fíríìjì lórí bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìta, ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe bí ọkọ̀ èrò tí à ń pè ní trotro bá dákú sójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi, síbẹ̀ mo ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi yà ní kọ́nà.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa mú ṣe akọ̀wé. Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n rò.

Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ni, àwa tí wọ́n bí sí Kumasi àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé. Ọgọ́rùn-ún sidi ni olúkúlùkù ń dá lóṣù, kó tó kọjá ọjọ́ karùn-ún, ìbáà fi owó lé wa lọ́wọ́, ìbáà fi momo, owó orí fóònù, ránṣẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ yóò san ìtanràn sidi márùn-ún. Ẹni tí kò bá dá owó fún oṣù mẹ́ta kò ní lè yáwó ní ọdún náà. Bí ìwé òfin ṣe wí nìyẹn. Ohun tí kò wí ni ibi tí a ó ti mú sidi márùn-ún náà. Èmi ni mo fi ọgbọ́n orí mi wá a rí: inú owó tó bá kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn náà ni kí a ti yọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nídìí oúnjẹ. Ó ní kí n jẹun.

Nígbà tí ìpàdé ẹ̀yáwó ku ọ̀sẹ̀ kan, alága ní kí n kọ ìkéde sí àwọn tí owó wọn kò pé. Mo kọ ọ́. Mo pè é ní “ÌKÌLỌ̀ ÌKẸYÌN”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìkìlọ̀ kankan ṣáájú rẹ̀. Mo to orúkọ àwọn ajẹgbèsè àti iye tí oníkálukú jẹ, mo sì fi kún un pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pé fún oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀yáwó. Kí n tó gbé e sórí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́, mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí alága àti ìyá akápò. Ìyá akápò kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù síìpù àti bọ́tìnì mi tán ní ọjà Race Course láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan nínú àwọn tí mo kọ orúkọ wọn ti dúró níwájú mi.

Bàtà ọmọléèwé ni ìyá náà ń tà ní ọjà Kejetia. Àwọn ọmọ máa tó wọlé, oníbàtà tó ń kó ọjà fún un kò sì ta àwìn mọ́. Bí kò bá rí owó ẹgbẹ́ yá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, yóò jókòó ti ìsọ̀ òfìfo nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń tajà.

“Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní owó oṣù mẹ́ta mi kò pé.”

“Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ jókòó ná.”

“Mi ò jókòó. Oṣù wo ni mi ò dáwó?” Ó na fóònù sí mi. Ọgọ́rùn-ún sidi, ọgọ́rùn-ún sidi, lóṣooṣù. “Oṣù tí mo lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni mo pẹ́. Mo gbà, mo pẹ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kí n má parọ́, inú mi dùn pé ẹnì kan fẹ́ gbọ́. Mo ní oṣù tó pẹ́ yẹn, ìtanràn sidi márùn-ún wọlé. Lóṣù kejì, mo yọ ọ́ nínú ọgọ́rùn-ún tó san, ó ku márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún, owó oṣù kò pé nìyẹn, ìtanràn mìíràn. Lóṣù kẹta, mo yọ ìtanràn, mo yọ márùn-ún tó ku lẹ́yìn, àádọ́rùn-ún ló kù. Lóṣù kẹrin...

“Ẹ dúró. Bí mo bá ń san ọgọ́rùn-ún báyìí títí mo fi kú, ṣé nínú gbèsè ni n óo kú sí?”

Mo ronú sí i. Mo tilẹ̀ fi ẹ̀rọ ìṣirò wò ó. “Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Yóò sì máa pọ̀ sí i ni.”

“Ei! Akọ̀wé!” Ẹ̀rín gbé e débi pé ó di tábìlì mi mú. “Ìtanràn kan ṣoṣo ni mo gbà sílé, ó ti bímọ, ó ti ń kọ́lé! Ta ló sọ fún mi?”

“Mo kọ ọ́ sínú ìwé.”

“Níbo ni ìwé wà?”

“Ilé mi.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Bàtà ni mo ń tà o. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n wọlé.” Ó yí padà, ó lọ.

Èmi tí mo ń sọ fún ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó wo ọ̀tún wo òsì, mi ò sọ fún àgbàlagbà yìí lẹ́ẹ̀kan pé mo ń gé owó rẹ̀.

Mo pe alága àti ìyá akápò lórí ọ̀rọ̀ náà, lọ́jọ́ Sátidé a sì pàdé ní àgbàlá alága, àwa mẹ́ta. Alága ní kí a fagi lé gbogbo ìtanràn, pé ẹni tiwa ni gbogbo wọn. Ìyá akápò wò ó. “Àwọn tó tajà lówó pọ́ọ́kú kí ọjọ́ karùn-ún má baà kọjá ńkọ́? Ṣé ẹni tàwọn Faransé ni wọ́n?” Alága ní òun ti gbọ́. Mo wá ka ìkéde tí mo tún kọ. Nígbà tí mo dé orí ìlà kẹsàn-án, ìyá akápò gba bírò lọ́wọ́ mi.

“Akọ̀wé paa, akọ̀wé gidi, ṣé ẹgbẹ́ lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ àbí olè?”

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tó fi bírò náà gé e tán nìyí: “Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ karùn-ún ni owó oṣù. Oṣù kan tó bá pẹ́, sidi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan péré, a kì í gba ìtanràn lórí ìtanràn. Owó tí ẹ bá san, owó oṣù ni yóò kọ́kọ́ jẹ́. Ìtanràn dá dúró, ẹ óo san án lọ́tọ̀. Ẹni tí kò dá owó rárá fún oṣù mẹ́ta ni kò ní yáwó. A óo sọ iye tó wà lọ́rùn oníkálukú fún òun nìkan. Òfin yìí kan àwa olóyè náà.”

Ó dùn mí pé kò sí ìlà pupa kankan nínú rẹ̀.

A tún ìṣirò gbogbo wọn ṣe. Àwọn méjì wà tí kò dá owó lóòótọ́. Ti àwọn yẹn kò yí padà. Ogún sidi ti ìyá oníbàtà di márùn-ún.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó san sidi márùn-ún náà níṣojú gbogbo èèyàn, ó sì ní kí n kọ “ìtanràn” sórí rìsíìtì gàdàgbà. Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀yáwó rẹ̀, ó ku onídùúró kan. Ó na fọ́ọ̀mù sí mi.

Mo kà á. Mo tún un kà. Bí kò bá san, nínú owó tèmi ni wọn yóò ti yọ ọ́. Mo bi í bóyá bàtà á tà, bóyá ìsọ̀ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjì, bóyá òjò kì í wọ ibẹ̀.

“Akọ̀wé,” ó ní, “ẹ fọwọ́ sí i jàre. N ò ní kí ẹ fọmọ fọ́kọ.”

Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà.