Ọjọ́ Tí Gbogbo Òbí Ṣí Ojú-Ìwé Kẹtàdínlógójì ní Àpòmù

Bí ẹ bá dé Ìkirè tí ẹ ń bèèrè Fọláwùmí, àwọn kan á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé Màmá Oníwèé, ọlọ́kadà á ti ní kẹ́ ẹ gòkè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ta dòdò lójú títì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, nítorí obìnrin náà ò fẹ́ kí epo kan ìwé òun. Ìwé ilé ìwé ló ń tà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Akínbíyì, ọmọ Àpòmù, fi mọ́tò gbé páálí ìwé mẹ́fà wá fún un. Ó ti kọ́kọ́ mú ẹyọ kan wá fi hàn án bí àpẹẹrẹ, ó ní láti ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ni wọ́n ti wá tààrà. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, Fọláwùmí sì gbà á gbọ́. Ó kó ìwé náà fún ilé ìwé ìjọ wọn. Kò pé oṣù kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé fi dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú gbogbo ayé. Wọ́n ní ayédèrú ni, wọ́n kó ìwé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Akínbíyì wà láàárín èrò tó ń wòran. Fọláwùmí nawọ́ sí i pé òun ló tà á fún òun. Akínbíyì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mi ò mọ màmá yìí ju ẹ ǹlẹ́ o lọ," ló wí.

Màmá Edith, ìyàwó olùkọ́ àgbà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ní ilé ìwé ìjọ, ló yọ orúkọ Fọláwùmí kúrò lára àwọn tó ń kó ìwé fún wọn. Ìyẹn ìbá ṣe é fara dà. Ṣùgbọ́n Màmá Edith sọ ọ́ nípàdé àwọn obìnrin pé ẹni tó bá ń ta ayédèrú fún ọmọdé, kí ló kù tí kò lè tà? Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kékeré ti ń pe Fọláwùmí ní Màmá Fékì. Ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó délé ló sunkún. Lẹ́yìn ẹkún ló búra pé bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí òun sí, Akínbíyì á fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lójú Màmá Edith.

Ó wá lọ kọ́ iṣẹ́. Nígbà tó lọ sí Òṣogbo láti lọ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà jókòó, ó ní kó fi han òun bí wọ́n ṣe ń mọ ayédèrú. Ọkùnrin náà to orìjínà àti ayédèrú jọ níwájú rẹ̀. Fọláwùmí ò kúrò níbẹ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ra dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ìwé tó bá rí, títí kan ìwé orin tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Láìpẹ́, àwọn òbí ń fi fọ́tò ìwé ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ó sì ní bó ṣe fẹ́ kí wọ́n yà á. "Ẹ má fi iná fóònù yà á," ló máa ń sọ, "ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ sún mọ́ lẹ́tà dáadáa. Ẹ gbé ewé kan sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ ya ẹ̀yìn ìwé láti òkè, níbi tí gúlúù wà. Ẹ ya àwọn ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì ya ojú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí."

Lẹ́tà orìjínà máa ń mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gé ṣáṣá. Ti ayédèrú á hu irun, ihò inú a àti e á dí, nítorí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fi ẹ̀rọ yà. Àwòrán aláwọ̀ rẹ̀ á ṣe bàìbàì, pupa á yà kúrò lára dúdú. Ewé á fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa ka ẹ̀yìn rẹ̀ láti iwájú. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mejì, gúlúù ti ń ya. Nọ́ńbà abẹ́ ìlà dúdú náà sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ṣùgbọ́n kì í fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Orìjínà náà lè ní ewé tí kò nípọn, ayédèrú sì lè ní ìlà dúdú tí fóònù máa kà dáadáa, torí wọ́n kàn ya èèpo ẹ̀yìn ìwé ẹlòmíì ni. Àmì mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó la ẹnu rẹ̀.

Ọdún yìí ni Bàbá Oyèwùmí, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìkirè-Ilé, fi fọ́tò ìwé àtijọ́ kan yangàn fún un. Ìwé ìtàn ìlú ni, wọ́n ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí á tó gba òmìnira, kò sì sí i mọ́ níbì kankan. Fọláwùmí wo ihò kòkòrò tó wà lójú ìwé kan. Ó wo ewé tó tẹ̀ lé e: kò sí ihò.

"Bàbá, ẹ fi ìka yín kan ihò yẹn," ló wí lórí fóònù.

Bàbá fi ìka kàn án. "Ó jọ̀lọ̀. Kò sí ihò níbẹ̀."

"Yíǹkì ni, sà. Kòkòrò kì í jẹ ewé kan kó fo èkejì. Ẹ sì wo bí ewé náà ṣe pọ́n bákan náà láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín. Ìwé tó gbó, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń pọ́n wọlé. Ta ló tà á fún yín?"

"Ọmọ Àpòmù kan tó mọ ènìyàn pọ́n lé. Akínbíyì."

Fọláwùmí fi fóònù sílẹ̀ rọra. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti jókòó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ibi tí Akínbíyì ń kó ìwé lọ. Fọláṣẹwà, ọmọ ìjọ wọn tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Àpòmù, ló sọ pé Akínbíyì ló fẹ́ kó ìwé ìṣirò fún kíláàsì àwọn. Ó fi fọ́tò àpẹẹrẹ tí Akínbíyì mú wá ránṣẹ́. Fọláwùmí wò ó lọ, wò ó bọ̀. Orìjínà ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àfi ìgbà tó sùn tó jí ló tó yé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún òun: àpẹẹrẹ gidi, ẹrù ayédèrú. Ó ní kí Fọláṣẹwà tún ya fọ́tò lọ́jọ́ tí páálí bá dé. Nígbà tí wọ́n dé, lẹ́tà hu irun, ewé fẹ́lẹ́, gúlúù tín-ín-rín bí okùn. Lójú ìwé kẹtàdínlógójì, ó rí òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí ìlà ìdáhùn. Ó ní kó ya ojú ìwé yẹn nínú ìwé mẹ́ta míì. Òjìji náà wà níbẹ̀, lójú kan náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún ọ̀gá wa kí wọ́n dá a padà kíá," Fọláṣẹwà wí.

"Bí ẹ bá dá a padà, Akínbíyì á ní àṣìṣe ni, á sì gbé e lọ tà ní Wásinmi. Má sọ nǹkan kan. Mò ń bọ̀."

Ó bá Màmá Adémúyìwá, tó ni ilé ìwé náà, ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó to fọ́tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ròyìn ohun tí Akínbíyì ti fi ojú òun rí. Obìnrin náà wò wọ́n, ó wá wo ojú rẹ̀.

"Ilé ìwé mi lẹ fẹ́ fi gbẹ̀san, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Fọláwùmí dáhùn. "Àwọn ọmọ yín náà á sì rí ìwé gidi kà."

Màmá Adémúyìwá rẹ́rìn-ín, ó sì pe àwọn òṣìṣẹ́ ní Òṣogbo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá gba ìwé kí ilé ìwé tó wọlé, gbọ̀ngàn kún. Akínbíyì wọ funfun, torí wọ́n ní kó wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba méjì jókòó láàárín wọn bí òbí. Fọláwùmí jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Màmá Edith, ẹni tí Fọláwùmí bẹ̀ pé kó kàn sin òun dé Àpòmù.

Nígbà tí ìwé ti kan gbogbo ọwọ́, Fọláwùmí dìde.

"Ẹ̀gbọ́n," Akínbíyì wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ṣé ẹ ti padà sí prámárì ni?"

"Mo wá kọ́ ìṣirò ni, àbúrò. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ìwé kẹtàdínlógójì. Ẹ wo ìbéèrè kẹta."

Ìwé ń dún wàràwàrà. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ṣùkúrátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹnì kan ti kọ nǹkan sí tèmi. Méje lọ́nà mẹ́jọ, ó kọ mẹ́rìnléláàádọ́ta."

"Tèmi náà," bàbá kan wí. "Mẹ́rìnléláàádọ́ta."

"Ẹyọ kan ló bàjẹ́," Akínbíyì ní, "màá pààrọ̀ rẹ̀—"

"Tèmi náà ńkọ́?" "Tèmi!" Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. "Olódo ló ni ìwé yìí o," Ṣùkúrátù wí, "ó sì kọ ọ́ fún gbogbo wa."

Fọláwùmí gbé àpẹẹrẹ orìjínà sókè, ibẹ̀ funfun báláú. "Ọmọ kan fi pẹ́ńsù kọ ìdáhùn tó ṣì. Wọ́n fi rọ́bà pa á, kò mọ́ tán. Ojú ènìyàn fò ó, ẹ̀rọ rí i. Ìwé ọmọ yẹn ni wọ́n yà tí wọ́n fi tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì dìde, wọ́n fi káàdì hàn. Akínbíyì wo ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn òbí ti dí i. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé padà sínú páálí. Akínbíyì wá bá Fọláwùmí, òógùn ti mú kí funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n mọ̀ yín l'Óṣogbo. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Títí, ìyàwó mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Mo bá Títí yọ̀. Ta ló ta páálí mẹ́fà fún mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn?"

Ó wolẹ̀. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́. "Èmi ni."

"Ta ló mọ̀ pé ayédèrú ni?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin ò mọ̀." Ó gbójú sókè. "Ẹ ó bá mi bẹ̀ wọ́n báyìí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," Fọláwùmí wí. Ó yíjú sẹ́yìn. Màmá Edith wà níbẹ̀, ó di báàgì rẹ̀ mú láyà, kò mọ ibi tí yóò wò.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ, mà?"

"Mo gbọ́ díẹ̀," Màmá Edith wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Díẹ̀ ò tó." Fọláwùmí fa àga kan, ó jókòó, ó sì tún ìró rẹ̀ ró. "Àbúrò, tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sọ ọ́ sókè."