Pátákó Pupa Lẹ́yìn Irun Ràṣídátù

Àbúrò mi ni Ràṣídátù. Dòdò Ìkirè ló ń tà lẹ́bàá títì. Bí mọ́tò bá dúró, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní dòdò náà kò dùn, á ní kó pọ èyí tó ti gbé mì padà.

Ọmọ ogún ọdún ni. Lóṣù kejì ọdún 1999, mọ́tò gbá a. A gbé e lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n fá irun rẹ̀ kanlẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórí. Ọjọ́ kẹta ló kú. Orí fífá yẹn ni ìyá wa rí gbẹ̀yìn.

Irun rẹ̀ pọ̀. Ìyá wa fúnra wọn ló máa ń dì í fún un.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tí ojú rẹ̀ ti hàn dáadáa. Sùlè oní-fọ́tò ló yà á, lọ́jọ́ kan tó tú irun tí kò tíì dì í. Ọyẹ́ ń fẹ́. Irun náà dìde lẹ́yọ lẹ́yọ, ó fẹ́lẹ́ bí òwú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni pátákó pupa kan dúró sí, tí wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ “Ọtí tútù wà” sí lára.

Ìyá wa fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe kàlẹ́ńdà fún fídáù ogójì ọjọ́. Orúkọ Ọlọ́run ló máa wà lókè kàlẹ́ńdà náà. Pátákó ọtí kò gbọdọ̀ bá a wà níbẹ̀.

Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Akínṣọlá ti kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Àpòmù. Mo gbé fọ́tò náà wọ inú kọ̀ǹpútà, mo fi máòsì tọ etí irun náà yípo, mo gé pátákó dànù. Etí irun wá dán bí etí igbá. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sílé ní Ìkirè.

Ìyá wa wò ó pẹ́.

“Jímọ́ọ̀, ṣé wọ́n tún ti fá a ni?”

Sùlè ní kí n kúkú ya gèlè bò ó, kí gbogbo wa sinmi. Ìyá wa ní rárá, irun ọmọ àwọn ni àwọn fẹ́ rí.

Mo padà sí Àpòmù. Ọ̀gá wo ohun tí mo ṣe.

“Ṣé igbó lò ń ṣán ni?”

Wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ní fọ́tò inú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ló lé ara wọn: ti àwọ̀ pupa, ti àwọ̀ ewé, ti àwọ̀ búlúù. Ṣánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣí ẹyọ kan, dúdú àti funfun ló máa hàn. A ṣí ti búlúù. Pátákó dúdú, irun náà dúdú, kò sí ìyàtọ̀. Ti ewé náà rí bẹ́ẹ̀. A wá ṣí ti pupa. Pátákó funfun báláú, lẹ́tà ara rẹ̀ pàápàá kò hàn mọ́. Irun Ràṣídátù nìkan ló dúdú, lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo sunkún níwájú ọ̀gá mi.

A ṣe ẹ̀dà ṣánẹ́ẹ̀lì náà, kí ti fọ́tò má baà bàjẹ́. Lórí ẹ̀dà yẹn, mo mú kí dúdú dú sí i, kí funfun funfun sí i. Mo kọ́kọ́ fi máòsì fà á jù, àwọn irun tín-ín-rín sì pòórá. Mo dá a padà, mo fà á díẹ̀díẹ̀. Ojú àti aṣọ rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lè bá pátákó lọ. Búrọ́ṣì dúdú ni mo fi kùn wọ́n. Ojú àbúrò mi ni mo ń kùn dúdú. Ó dà bí ìgbà tí mo tún ń da iyẹ̀pẹ̀ lé e.

Mo mú kí etí irun náà rọ̀ díẹ̀, kó má dà bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé. Mo ní kí kọ̀ǹpútà mú gbogbo ibi tó funfun, mo fi àwọ̀ ojú ọ̀run dí i lórí fọ́tò gan-an. Pátákó lọ. Irun kù.

Ṣùgbọ́n pupa pátákó ti ràn mọ́ ìdí àti orí irun. Ọjọ́ méjì ni mo fi nù ún.

Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde tí mo gbé e délé ni mo rí i pé mo gbàgbé irun mẹ́ta kan lẹ́bàá etí òsì. Orí wọn ṣì pọ́n. Ìyá wa ti fi ìka kàn án. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n padà lọ nù ún.

“Epo ni,” ni wọ́n wí. “Bó bá ń dín dòdò, ọwọ́ epo yẹn náà ló máa fi ti irun sẹ́yìn. Mo bá a wí títí. Má nù ún.”

Ọgọ́rùn-ún la tẹ̀, pẹ̀lú pupa náà. Mo mọ ohun tó jẹ́. N kò lè sọ ọ́ fún wọn.