Èjìká Búláòsì Ẹ̀gbọ́n Tíṣà

Ìyàwó ọmọ mi ni aránṣọ, èmi sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ẹni tó bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, màá ní èmi ni ọ̀gá àgbà. Òun náà kì í jiyàn. Ó kàn máa ń ní kí ọ̀gá àgbà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí aṣọ oníbàárà.

Yàrá kan ṣoṣo ni. Maṣíìnì kọjú sí fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ gba àárín, òwú tó wà lára ògiri sì pọ̀ débi pé, bí a bá so wọ́n pọ̀, a lè fi fa òṣùpá wálẹ̀. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Píìnì ló máa ń wà láàárín ètè rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ètè di píìnì mú kò lè ṣòfófó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Oníbàárà kan tó ń kọ́ni ní ìlú mìíràn, tí a ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ló wọ búláòsì tuntun tí a fi ránṣẹ́ sí i. Kò ráyè wá kí a wọ̀n ọ́n, búláòsì àtijọ́ kan ló fi ránṣẹ́ pé kí a fi ṣe àwòṣe. Ó dúró síwájú ògiri funfun, ó ju ọwọ́ sílẹ̀, apá ẹ̀wù sì bo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìka. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé kí aránṣọ bá òun gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, pé òun ti ń rù. Bẹ́ẹ̀ náà, ó ní, ni aṣọ ṣe kọ́kọ́ ń tóbi lára ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́.

Mo wo fọ́tò náà, mo ní ó ti rù lóòótọ́, ọrùn rẹ̀ ti dà bí ti lékeléke.

"Bàbá, ẹ gbé awò yín sójú ná."

Mo gbé e sójú. Ọrùn náà sì padà di ti èèyàn.

Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú, ó wò ó pẹ́. Ó wá dìde, ó fa búláòsì àtijọ́ yọ nínú àpò, ó ki ọwọ́ bọ inú èjìká rẹ̀. Fóòmù wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi gbé èjìká sókè. Ó ti fi téèpù wọn èjìká náà láìrántí rẹ̀, kò sì fi fóòmù kankan sínú tuntun. Ló bá jókòó.

Mo gbà á nímọ̀ràn bí àgbà. Mo ní kó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé bí oníbàárà ṣe wí. Ta ni yóò mọ̀?

Ó ní, "Aṣọ á fún un jù láyà, èjìká á ṣì máa ṣubú, òun náà á sì máa rò pé ikú ń bọ̀."

Ó mú fóònù, ó sì kọ báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fọ́tò yín wò. Ní àyà àti ìbàdí, aṣọ jókòó dáadáa, bọ́tìnnì ò fà, ibì kankan ò sì tóbi jù. Ká ní ẹ rù ni, ibẹ̀ náà ì bá ti tóbi. Ẹ wá wo ibi tí apá ti so mọ́ ara ẹ̀wù. Orí egungun èjìká ló yẹ kí ojú rírán yẹn wà, ṣùgbọ́n ó ti sọ̀ kalẹ̀ sára apá yín. Òun ló jẹ́ kí aṣọ ká jọ níwájú abíyá, òun náà ló ti apá ẹ̀wù bo ọwọ́ yín. Èmi ni mo ṣì í. Fóòmù wà nínú èjìká ti àtijọ́, mo sì wọ̀n ọ́n mọ́ ọn. Ẹ dá a padà. Màá tú apá, màá gé èjìká wọlé, màá sì tún apá rán mọ́ ọn. Ara yín ò dín. Èjìká aṣọ ló fẹ̀ jù."

Mo ní kó yọ "èmi ni mo ṣì í" kúrò, pé ọ̀gá àgbà ò fọwọ́ sí i. Ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èsì ò tètè dé. Ó rán apá ọ̀tún aṣọ ẹlòmíràn mọ́ òsì, ó tún tú u. Nígbà tí fóònù dún, ohùn Ẹ̀gbọ́n Tíṣà kéré.

"Ṣé o ò kàn fi ń tù mí nínú?"

"Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ fi ọwọ́ fa aṣọ níbàdí. Ẹ wò ó bóyá aṣọ kankan máa ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́."

A gbọ́ tí aṣọ ń dún.

"Kò ṣẹ́ kù," ni Ẹ̀gbọ́n Tíṣà wí. Ó mí kanlẹ̀, èmi tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ọ.

Kò fi búláòsì náà ránṣẹ́. Ó gbé e wá fúnra rẹ̀, ó dúró láàárín yàrá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lára, ó ní kí aránṣọ wọn òun láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó sì máa ka gbogbo rẹ̀ sókè, kí òun fi etí ara òun gbọ́.