Fáìlì Fífúyẹ́ tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọ̀kà

Nígbà tí ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kú, èmi ni ẹbí ní kí n ṣe ìwé ètò ìsìnkú, nítorí pé mo jáde ní yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́. Inú mi dùn pé èmi ni wọ́n yàn, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí fọ́tò kan ṣoṣo ni Màmá ní.

PDF tí mo ṣe fún ìtẹ̀wé tóbi ju ohun tí ímeèlì lè gbé. Ó yẹ kí n fi fíláàṣì gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé ní Ọ̀kà, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Mo tún un ṣe bí èyí tí wọ́n ń wò lórí fóònù: mo fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè fúyẹ́, n kò sì fi fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí mo fi tẹ̀ ẹ́, sínú fáìlì. Lójú kọ̀ǹpútà mi, ó dára, torí fọ́ǹtì náà wà lórí rẹ̀. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́, n kò rò ó pé kò sí lórí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé.

Láàárọ̀ ìsìnkú ni ìwé dé. Fọ́ǹtì mìíràn ni kọ̀ǹpútà wọn fi rọ́pò, àwọn ọ̀rọ̀ orin gun ara wọn. Ojú Màmá ti di bátabàta.

Àbúrò Màmá wò ó títí.

“Ìwọ akọ̀wé, ta nìyí?”

“Màmá ni, mà.”

“Màmá ta?”

Ìtìjú mú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ímeèlì àti fọ́ǹtì, bí ẹni pé wọ́n lè dárí jì mí bí ó bá yé wọn. Àbúrò Màmá ká ìwé náà sí méjì, wọ́n ń fi í fẹ́ra.